Sáífọ̀n: «ìfami» ni tàbí «agbómikọjá», kí ló sì ń já omi ní góńgó?

Títí, Agbowó:
"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ síbí, 'ìfàmi' ni wọ́n pe sáífọ̀n, ìyẹn rọ́bà tí omi máa ń gba inú ẹ̀ gun òkè kó tó sọ̀kalẹ̀ sí apá kejì. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí góńgó rọ́bà bá ti ga jù, 'ìhó' á já omi. Ìhó wo nìyẹn, nígbà tí kò sí iná níbẹ̀?"

Bàbá Olùkọ́, Mọ́kọ́lá:
Ta ló kọ "ìfàmi"? Kí onítọ̀hún yọjú. "Fà" ní àmì ìsàlẹ̀ tó bá dá dúró, òótọ́ ni, àmọ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti tẹ̀lé e, àárín ló ń bọ́ sí. Ta ló ń wí pé "fà okùn"? "Fa okùn" ni. "Fa omi", "ìfami", ó parí. Láyé tiwa, ọmọ tó bá kọ "ìfàmi" síwájú tíṣà, orí ìkúnlẹ̀ ló máa wà títí aago á fi lù. Àwọn ìyá wa ń fa omi ní kànga kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó mọ sáífọ̀n, nítorí náà ẹ má sọ ọ̀rọ̀ àwọn baba wa di tuntun kí ẹ sì tún fi àmì bà á jẹ́.

Kẹ́hìndé oníjẹnẹrétọ̀, Bẹẹrẹ:
Bàbá, ẹ kú ìkíni. Èmi epo ni mo máa ń fà, láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi rọ́bà sẹ́nu, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ tètè sọ ọ́ kalẹ̀. Kò já mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Ọ̀rọ̀ góńgó wo lẹ ń sọ?

Àǹtí Dúpẹ́, Bódìjà:
Kẹ́hìndé, o ò tíì gbọ́ ìbéèrè. Kẹ́ẹ̀gì tìẹ ò ga ju orúnkún lọ, báwo ni góńgó ẹ̀ ṣe fẹ́ ga? Má sì fi ẹnu fa bẹntiróòlù mọ́, bó bá gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ilé ìwòsàn ni.

Ní ti ọ̀rọ̀ náà, mi ò fara mọ́ "ìfami", àmì àárín o, àmì ìsàlẹ̀ o. Ta ló ń fa omi níbẹ̀? Ẹ pè é ní "agbómikọjá": ó gbé omi kọjá òkè kan bọ́ sí ìsàlẹ̀ kejì.

Bàbá Olùkọ́:
Agbómikọjá! Ìyẹn ni táńkà. Ìyẹn ni obìnrin tó ru garawa kọjá títì.

Múfú ẹlẹ́ja, Apẹ̀tẹ̀:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, tèmi nìyí. Táńkì dúdú mi wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Iwájú ilé rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni adágún ẹja wà. Kò sí àyè láti gba ẹ̀gbẹ́, ni mo bá gbé rọ́bà íǹṣì kan gba orí òrùlé petesi. Láti ojú omi táńkì dé ṣóńṣó òrùlé jẹ́ mítà 7.5. Mo fi pọ́ǹpù kún rọ́bà, mo dí ẹnu méjèèjì, mo wá ṣí wọn pọ̀. Nígbà tí ẹnu ìsàlẹ̀ fi mítà 3 rẹlẹ̀ ju omi táńkì lọ, ó ń ṣàn, àmọ́ ó lọ́ra. Mo wá fa rọ́bà náà gùn sísàlẹ̀ títí ó fi di mítà 6, kí ó lè túbọ̀ lágbára. Lóòótọ́ ó lágbára láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ṣe "gú, gú, gú", ó sì já. Mo tún un kún, ó tún já. Ohun tí mo rò ni pé kí n tún sọ ẹnu ìsàlẹ̀ sílẹ̀ sí i, torí mo mọ̀ pé bí ìsàlẹ̀ bá ṣe jìn tó ni omi ṣe ń fà tó. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹnjiníà, Òkè Àdó:
Ìdajì òótọ́ ni, Múfú, ìdajì yìí ló sì ń já omi ẹ. Bí ẹnu ìsàlẹ̀ bá ṣe jìn tó ni omi ṣe ń sáré tó, mo gbà. Àmọ́ wò ó láti ojú góńgó.

Afẹ́fẹ́ tó wà lórí omi táńkì ń tẹ omi náà, ó ń tì í wọ inú rọ́bà. Ní etí òkun, ìtẹ̀ yẹn tó láti gbé omi dúró ní mítà 10.3. Ìbàdàn ga ju etí òkun lọ ní bíi igba mítà, nítorí náà bíi 10.1 ló kù fún wa níbí. Ka ìyẹn sí owó tí o kó dání lọ sọ́jà, kò sí ibi tí o ti lè yá sí i.

Òrùlé ẹ ti gba 7.5 nínú ẹ̀, ó ku 2.6. Àmọ́ omi ò dúró sójú kan. Ó ń sáré, ó sì ń ha ara mọ́ rọ́bà bó ṣe ń gòkè, eré yẹn àti ìha yẹn á gba tiwọn. Nígbà tí o wà ní mítà 3, wọ́n gba bíi 1.1, ó ku bíi 1.5 ní góńgó. Nígbà tí o sọ ọ́ di mítà 6, omi sáré sí i, wọ́n gba bíi 2. Ó ku 0.6.

Ibi tí Títí ti béèrè nípa iná nìyí. Kì í ṣe iná nìkan ló ń mú omi hó. Bí ìtẹ̀ orí ẹ̀ bá ti kéré ju agbára oru tirẹ̀ lọ, á hó níbi tó wà. Omi tó gbóná tó 30 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì fẹ́ kí bíi 0.43 mítà kù lórí òun kó tó fara balẹ̀. Èyí tó gbóná tó 40 fẹ́ bíi 0.75. Láàárọ̀, 0.6 tìẹ ju 0.43 lọ, omi ṣàn. Lọ́sàn-án tí oòrùn ti pa táńkì dúdú, 0.6 ò tó 0.75 mọ́, omi bá hó ní góńgó. Bí o bá fọwọ́ kan rọ́bà, kò ní jó ẹ.

Bó bá jẹ́ rọ́bà funfun tó hàn gbangba ni, wàá rí i fúnra ẹ. Àwọn kóro wẹ́wẹ́ á kọ́kọ́ dìde, wọ́n á sáré lọ pẹ̀lú omi. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan á dúró sí góńgó, á máa tóbi, títí á fi gba gbogbo inú rọ́bà. Láti ìgbà yẹn, omi apá táńkì á padà sínú táńkì, omi apá kejì á bọ́ sílẹ̀. Rọ́bà tí ara ẹ̀ rọ̀ á tún máa fẹ̀ pẹlẹbẹ ní góńgó kí ó tó já, ìyẹn náà jẹ́ àmì.

Múfú:
Ó pẹlẹbẹ lóòótọ́! Mo rò pé oòrùn ló yọ́ ọ ni.

Àǹtí Dúpẹ́:
Ẹnjiníà, ẹ ń pè é ní "hó", àmọ́ afẹ́fẹ́ wà nínú omi pẹ̀lú. Ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló ń jáde?

Ẹnjiníà:
Méjèèjì ni. Afẹ́fẹ́ tó ti yọ́ sínú omi ló máa ń kọ́kọ́ jáde, kí omi fúnra ẹ̀ tó di oru. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ná owó náà tán. Nínú iṣẹ́, bí góńgó bá ti kọjá mítà 6 tàbí 7, a ti ń ṣọ́ra.

Múfú, ohun tí wàá ṣe rèé. Má dín rọ́bà kù. Fi táàpù sí ẹnu ìsàlẹ̀, kí o sì tì í díẹ̀. Bí eré omi bá dín sí ìdajì, 2 yẹn á di 0.5, nítorí ohun tí eré ń gbà ń dín kíákíá ju eré fúnra ẹ̀ lọ. Ó wá ku bíi 2.1 ní góńgó, ọ̀sán kankan ò lè já a. Ìsàlẹ̀ ni kí táàpù wà o! Bí o bá fi í sí ẹnu òkè nínú táńkì, ìnáwó tó ṣáájú góńgó lo fi kún yẹn, á sì já kíákíá. Má sì tì í pa jù, torí omi tó bá lọ́ra kò lágbára láti kó àwọn kóro afẹ́fẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa pàdé ní góńgó ni.

Kẹ́hìndé oníjẹnẹrétọ̀:
Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ. Ìyẹn ni pé tèmi lè gun òkè jù ti Múfú?

Ẹnjiníà:
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bó bá jẹ́ ti ìwọ̀n nìkan ni, ó lè kọjá mítà 13. Àmọ́ bẹntiróòlù yára di oru ju omi lọ fíìfíì. Nínú oòrùn ọ̀sán, oru ẹ̀ lè gba bí ìdajì ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, nítorí náà góńgó ẹ̀ máa ń kéré ju ti omi lọ.

Títí:
Mo rí nǹkan kan. Ní 2010, Stephen Hughes, olùkọ́ físíìsì ní Brisbane, sọ fún àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford pé ohun tí wọ́n kọ lórí sáífọ̀n kò tọ́, ohun tí wọ́n sì ti kọ láti 1911 nìyẹn. Wọ́n ní ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ló ń gbé omi lọ, òun ní ìwúwo omi tó ń sọ̀kalẹ̀ ni. Ní 2015, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yọ afẹ́fẹ́ inú omi kúrò, sáífọ̀n wọn sì ṣiṣẹ́ ní mítà 15.

Bàbá Olùkọ́:
Ẹ wá wò ó! Mítà 15! Ìtẹ̀ 10 kò lè ti omi dé 15. Kí ló wá gbé e débẹ̀ bí kò ṣe pé omi ń fa omi? "Ìfami" ni mo ti wí láti àárọ̀. Àǹtí Dúpẹ́, ẹ gbé agbómikọjá yín kúrò nílẹ̀.

Ẹnjiníà:
Bàbá, ní ti omi tí wọ́n yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ẹ̀, mo gbà, omi dì mọ́ra ẹ̀, ó ń fa ara ẹ̀ lọ. Àmọ́ omi Apẹ̀tẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́, bí o bá fẹ́ fà á, kóro á yọ, á já. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ló ń so omi tiwa pọ̀. Ohun tí Hughes sọ ni pé ìwúwo ló ń darí ìrìn, kò sọ pé afẹ́fẹ́ kò ṣe nǹkan kan.

Àǹtí Dúpẹ́:
Nígbà náà, "ìfami" á tọ̀nà ní Brisbane, kò ní tọ̀nà ní Ìbàdàn. Bàbá, ẹ bá mi dáhùn èyí.

Bàbá Olùkọ́:
Èmi kò dáhùn ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fi àmì sórí "dahùn" nínú lẹ́tà ìjẹta.

Múfú:
Ẹ jọ̀ọ́, táàpù íǹṣì kan tàbí ìdajì íǹṣì ni kí n rà? Ẹni tó ń tà á ní Gbági ní ọ̀kan náà ni wọ́n.