Ẹ̀yáwó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: èwo ló wọ́n jù nínú méjèèjì yìí?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ ni mo ń tà ní ọjà Bódìjà, mo sì fẹ́ yá 200,000 náírà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí n lè fi kún ọjà. Ilé iṣẹ́ ayánilówó kan ní èlé òun jẹ́ náírà 2.50 lórí ọgọ́rùn-ún náírà lọ́sẹ̀, pé 30,000 náírà ni n ó máa san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́kọ́ yọ 10,000 náírà owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó kó owó lé mi lọ́wọ́. Obìnrin kan tó ń yáni lówó nínú ọjà ní tirẹ̀ jẹ́ náírà 3.50. 7,000 náírà èlé ni n ó máa san fún un lọ́sẹ̀, n ó sì dá 200,000 náírà padà lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, láìyọ ohunkóhun ṣáájú. Èwo ni kí n mú?

Bàbá Aláṣọ: Ẹ mú ti ilé iṣẹ́. 240,000 náírà ni ẹ ó san fún wọn, 190,000 ló sì wọ ọwọ́ yín, nítorí náà 50,000 ni ẹ̀yáwó náà ná yín. Ti obìnrin yẹn jẹ́ 256,000, èyí tí ó túmọ̀ sí 56,000 lórí 200,000. 6,000 náírà yín á kù sọ́wọ́.

Ìyá Alátà: Ní tèmi, àjọ ni mo ń dá, n kì í san èlé kankan. Ẹ lọ bá alájọ yín, Ìyá.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Mo ti kó àjọ tèmi ní oṣù tó kọjá, ẹ ṣeun.

Akápò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù: Bàbá, ìṣirò yín pé, ṣùgbọ́n ẹ kò ṣírò bí owó náà ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ Ìyá. Owó obìnrin ọjà yóò wà lọ́wọ́ wọn ní odindi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nígbà tí ti ilé iṣẹ́ yóò máa jáde láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, síbẹ̀ tí èlé rẹ̀ ń lọ lórí 200,000 bí ẹni pé kò sí èyí tí wọ́n ti san. Bí wọ́n bá ń ṣírò èlé lórí ohun tó ṣẹ́kù nìkan, tí Ìyá sì ń dá 25,000 padà lọ́sẹ̀, 22,500 náírà ni gbogbo èlé náà ìbá jẹ́, kì í ṣe 40,000.

Nígbà tí a bá ka owó fọ́ọ̀mù mọ́ ọn, èlé tí wọ́n ń gbà gan-an jẹ́ bíi náírà 5.50 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ dán an wò fúnra yín: 190,000 ló wọlé, èlé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ 10,450, ẹ san 30,000, ó ku 170,450. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èlé jẹ́ bíi 9,375, ó ku 149,825. Bí ẹ bá ṣe é títí dé ọ̀sẹ̀ kẹjọ, gbèsè náà tán pátápátá, àfi bí 50 náírà tó lé. Ti obìnrin ọjà kò yẹ̀ kúrò ní 3.50.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Èrè mi lórí èlùbọ́ jẹ́ bíi náírà 6 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀, nígbà tí ọjà bá yá. Kí ni yóò kù sí mi lọ́wọ́?

Akápò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù: Lọ́dọ̀ obìnrin ọjà, 12,000 ni èrè yín lọ́sẹ̀; ẹ yọ 7,000, ó ku 5,000, èyí tí yóò di 40,000 lọ́sẹ̀ mẹ́jọ. Lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́, èrè ọ̀sẹ̀ kìíní kò tó 12,000, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó san 30,000, nítorí náà inú owó òwò gan-an ni ẹ ó ti yọ èyí tó ṣẹ́kù, ọjà yín á sì máa dín kù. Nígbà tí ẹ bá parí, bíi 5,900 náírà ni yóò kù. Bí ọjà bá dá ní ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ lè wọ gbèsè.

Bàbá Aláṣọ: Mo ti rí i. Ṣùgbọ́n 200,000 náírà lẹ́ẹ̀kan náà ń dẹ́rù bà mí. Ọ̀pọ̀ ló ti ná an tán kí ọjọ́ tó pé, tí wọ́n sì tún yá òmíràn láti fi san án.

Akápò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù: Òótọ́ ni, Bàbá, ìṣirò kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ bi obìnrin náà, Ìyá, bóyá yóò gba 100,000 ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin kí èlé sì di 3,500 lọ́sẹ̀ láti ìgbà náà. Bí ó bá gbà, gbogbo èlé yín á di 42,000. Ẹ bi í pẹ̀lú ohun tí yóò fi kún un bí ẹ bá pẹ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: N ó lọ bá a lọ́la. Ohun tó kù tí n kò tíì rí ojútùú sí ni ọ̀sẹ̀ kẹjọ yẹn, nítorí ó bọ́ sí àkókò owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ.