Kìlómítà 12 péré, kí ló dé tí mo fi máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́?

Akọ̀wé Òwúrọ̀
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Kìlómítà 12 ni ilé mi sí ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan mo so fóònù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo gun ún lójú ọ̀nà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, fóònù sì sọ pé kìlómítà 20 ni mò ń rìn ní wákàtí kan. Mo ṣírò rẹ̀, ó di ìṣẹ́jú 36. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ìṣẹ́jú 46 ni mo fi yára jù, ọjọ́ kan sì wà tó gbà mí ní 53. Ọ̀gá mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ pípẹ́ yìí, ó sì ń dùn mí.
Iná tráfíìkì 9 ló wà lójú ọ̀nà mi. Pápá gbalasa kan wà tó tó kìlómítà 5, afẹ́fẹ́ máa ń kọjú sí mi níbẹ̀. Òkè kan tún wà kí n tó dé, ó gùn tó kìlómítà 1.2, ó sì fi mítà 60 ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Báwo lẹ ṣe ń ṣírò àkókò tiyín?

Ẹṣin Irin
Má da ara rẹ láàmú. Ohun tí òkè bá gbà lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o ń gùn ún, yóò dá a padà nígbà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bákan náà ni afẹ́fẹ́: ó dojú kọ ọ́ láàárọ̀, yóò tì ọ́ lẹ́yìn nírọ̀lẹ́. Kàn fi ìṣẹ́jú 5 kún un.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe
Ẹ yẹ taya yín wò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo pé àwọn ń pẹ́, taya wọn ló ti rọ̀. Ẹ fi òróró sí ṣéènì pẹ̀lú, ẹ ó rí i pé ẹ máa yára.

Akọ̀wé Òwúrọ̀
Ẹ ṣeun, sà. Taya mi le dáadáa, mo fi afẹ́fẹ́ kún un ní Sátidé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sáré jù báyìí lọ, mo kàn fẹ́ mọ aago tó yẹ kí n kúrò nílé ni.

Àgbà Kẹ̀kẹ́
Ẹṣin Irin, mo bọ̀wọ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n òkè kì í dá gbogbo rẹ̀ padà. Ká ní o gun òkè kìlómítà kan ní 10 ní wákàtí, o sì sọ̀ ọ́ ní 30. Ìgòkè gba ìṣẹ́jú 6, ìsọ̀kalẹ̀ gba 2. Kìlómítà 2 ní ìṣẹ́jú 8: eré 15 nìyẹn, kì í ṣe 20. Ibi tí ẹsẹ̀ ti wúwo lo máa ń pẹ́ sí jù. Ti Akọ̀wé tún le díẹ̀, nítorí kò sí ìsọ̀kalẹ̀ kankan nínú ìrìn àárọ̀ rẹ̀.
Àbúrò, jẹ́ ká mú òkè tìẹ. Ká ní ìwọ, kẹ̀kẹ́ àti báàgì jẹ́ kílò 90. Ẹni tí kò fẹ́ kí òógùn bo òun kó tó dé ọ́fíìsì lè fi bíi wáàtì 120 tẹ pẹ́dàlì lórí òkè. Ní òkè tó le bí tìẹ, ìyẹn gbé ọ ga sókè ní bíi mítà 7 ní ìṣẹ́jú kan. Mítà 60 yóò gba ìṣẹ́jú 8 àti ààbọ̀. Nínú ìṣírò rẹ, ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ lo fún kìlómítà 1.2 yẹn. Ìṣẹ́jú 5 ti lọ níbẹ̀. Má fi ìṣirò yìí wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò le o, yóò ṣì ọ́ lọ́nà.
Ti afẹ́fẹ́: èyí tí ara rẹ ń gbà ni kí o kà, má ka èyí tí wọ́n kọ sínú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Ibi tó fi mítà 10 ga ju ilẹ̀ lọ ni wọ́n ti ń wọn tiwọn, nísàlẹ̀ níbi tí a wà kì í le tó bẹ́ẹ̀. Bí èyí tó ń fẹ́ sí ọ lójú bá jẹ́ 8 ní wákàtí, yọ ìdajì rẹ̀ kúrò nínú eré rẹ, 20 á di 16. Lórí kìlómítà 5, bí ìṣẹ́jú 4 ló máa jẹ ọ́.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa òkè. Ọmọ mi kan máa ń jókòó lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, gbogbo wa pọ̀ tó kílò 110. Lójú ọ̀nà tó tẹ́, n kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí òkè, mo máa ń gbọ́ tí ṣéènì ń kérora, ọmọ á sì máa sọ pé, "Màmá, ẹni yẹn ti kọjá wa." Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni o!

Akọ̀wé Òwúrọ̀
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Iná tráfíìkì ńkọ́?

Àgbà Kẹ̀kẹ́
Dúró síbi ọ̀kan, kí o fi aago kà á. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá 90 ni gbogbo ìyípo rẹ̀, tí pupa gba 50 nínú rẹ̀. Nínú ìgbà 9 tí o bá dé ibẹ̀, pupa ni wàá bá ní ìgbà 5, ìdúró rẹ yóò sì jẹ́ ìdajì 50, ìyẹn 25. Ṣe àfikún bíi 8 fún títẹ bíréèkì àti mímú eré padà. Bí o bá pín in káàkiri, iná kọ̀ọ̀kan ń jẹ bíi ìṣẹ́jú àáyá 18. Iná 9 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 3.
Ó tún ku ohun kan. Fóònù rẹ ha máa ń dá aago dúró tí o bá dúró bí?

Akọ̀wé Òwúrọ̀
Háà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni. Ìrìn ọjọ́ Àìkú yẹn, ó kọ ìṣẹ́jú 33 sí "ìgbà ìrìn", ó sì kọ 37 sí "gbogbo àkókò" nísàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré. Àṣé 20 yẹn kò ka ìdúró kankan. Nítorí náà 36, pẹ̀lú 5 ti òkè, 4 ti afẹ́fẹ́ àti 3 ti iná, ó di 48. Ohun tí mò ń rí gan-an nìyẹn!

Ará Ìkóríta
Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà pẹ̀lú 18 yẹn. Lójú ọ̀nà tèmi, wọ́n to iná tẹ̀ lé ara wọn fún mọ́tò tó ń sá 50. Bí mo ṣe ń kúrò níbi ọ̀kan, èyí tó kàn ti ń di pupa kí n tó dé. Mẹ́fà nínú méje ló máa ń dá mi dúró.

Àgbà Kẹ̀kẹ́
O tọ̀nà. Ìṣirò mi gbà pé èèyàn dé ibi iná nígbàkígbà. Bí wọ́n bá tò wọ́n báyẹn, àfi kí o kà wọ́n fúnra rẹ.

Ìyá Ìbejì
Èmi kì í fi 48 jáde nílé. Mo máa ń kọ àkókò mi sílẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 10, èyí tó burú ṣìkejì ni mo máa ń lò. Ó ti fún mi ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹṣin Irin
Ìyẹn á jẹ́ kéèyàn máa tètè dé jù, lójoojúmọ́. Mo ti gbà lórí òkè o, ṣùgbọ́n ti afẹ́fẹ́, mo ṣì rò pé ó ń padà nírọ̀lẹ́.

Àgbà Kẹ̀kẹ́
Ó ń padà díẹ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ń retí rẹ̀.

Akọ̀wé Òwúrọ̀
Láti ọ̀la, aago méje kọjá ìṣẹ́jú 5 ni mo máa kúrò nílé. Ẹ jọ̀wọ́, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Ó jọ pé òun náà ń dá mi dúró.