Òkè ẹsẹ̀ ń dun àbúrò mi látorí máàṣì, ṣé ká tún ẹsíréè yà?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe máàṣì níléèwé l'Ọ́fà níbí, ìdajì wákàtí ni tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ṣàdédé sọ ọ́ di wákàtí méjì lójoojúmọ́ lórí ọ̀dà, ni òkè ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, bó bá sinmi á rọlẹ̀, bó bá rìn á tún bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá fi ìka kan tẹ egungun tó lọ sí ọmọ ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, ojú kan yẹn ló ń pariwo sí. Ẹsíréè àkọ́kọ́ ò fi nǹkan kan hàn, àmọ́ mo gbọ́ pé egungun tó sán báyìí lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó hàn. Ṣé ká tún un yà? Màámi fẹ́ kí wọ́n fi òrí wọ́ ọ, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí gan-an. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ìgbà wo lẹ tó padà sí máàṣì?