Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ, ọ̀gá ti pè mí: ẹ bá mi tún un kọ

Àdùkẹ́ Olùkọ́ (Bámíńgámù): Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti jí kó dá mi lóhùn. Ọmọ ọdún méje kan wà ní kíláàsì mi, Yorùbá ni ìyá rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́. Torí a jọ ń sọ èdè kan náà, orí Wáàsáàpù ni mo ti máa ń bá a sọ̀rọ̀. Lánàá, ó ti rẹ̀ mí, mo kọ báyìí:

"Mọ́mì, ẹ kú alẹ́ o. Ọmọ yín ò jẹ́ ká gbádùn lónìí rárá, ńṣe ló ń ya wèrè káàkiri kíláàsì. Ó ti Tọ́másì, orí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Gbogbo ìgbà ló ń ṣe báyìí. Ẹ bá a wí nílé o, tàbí kẹ́ ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò, bóyá nǹkan ń ṣe é."

Ó kà á, kò fèsì. Láàárọ̀ yìí ni ọ̀gá ní kí n wá rí òun ní aago mẹ́ta, kí n kọ irú èyí tó yẹ kí n ti kọ tẹ́lẹ̀ dání. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ọmọ Tákíé (Họ́sítọ̀n): Ẹ pa á rẹ́ kíákíá! Ẹ pè é, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ ní ọmọ yín ló gbé fóònù.

Ìyá Ìbejì (Líìdìsì): Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o! Iṣẹ́ ilé ìwé lẹ fi fóònù yín ṣe, àkọsílẹ̀ ilé ìwé ló dà yẹn. Ìyá yẹn lè béèrè gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa ọmọ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó o fún un láàárín oṣù kan. Tó bá ti béèrè, tẹ́ ẹ wá pa á rẹ́ kó má bàa rí i, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin 2018 tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn níbí. Irọ́ fóònù yẹn ńkọ́? Ọ̀gá ò ní gbà á gbọ́, yóò sì fi ọ̀rọ̀ kejì kún ti àkọ́kọ́.

Ọmọ Akẹ̀sán (Kádífù): "Ya wèrè" ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ tiẹ̀ sọ ọ́ fún ọmọ Ọ̀yọ́!

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ burúkú ni lóòótọ́, àmọ́ orúkọ Tọ́másì tí ẹ kọ ló burú jù. Ìyá ọmọ kan kò gbọdọ̀ ka orúkọ ọmọ mìíràn nínú ẹjọ́ ọmọ tirẹ̀. Èmi kọ orúkọ báyìí lọ́dún kan. Àwọn ìyá méjèèjì pàdé ní géètì, wọ́n bú ara wọn lójú àwọn ọmọ, ọ̀kan sì mú ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé. "Ọmọ mìíràn" ti tó.

Ọmọ Akẹ̀sán: Ìyá kankan kì í gbàgbé "wèrè". Ti orúkọ yẹn, ọmọ náà á sọ fún ìyá rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ lè sọ ọ́, olùkọ́ ni kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Kí lẹ fi ojú ara yín rí? Ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ rò.

Àdùkẹ́ Olùkọ́: Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni. A ń ṣe ìṣirò, ó dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tá a tò láti jáde, ó ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀, èjìká ọmọ yẹn gbá ilẹ̀kùn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò fara pa.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò rí i? Èjìká ni, ẹ kọ orí. "Gbogbo ìgbà" yẹn ńkọ́?

Àdùkẹ́ Olùkọ́: Ọjọ́ Ajé ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Òun náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ìyá Ìbejì: Ohun tó yẹ kí ìyá gbọ́ gan-an nìyẹn, torí òun lè mọ bóyá ọmọ náà ń jẹun, tàbí bóyá ẹnì kan ń dà á láàmú níbi eré. Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò, ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tó ń rí sí àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nílé ìwé yín sọ̀rọ̀, kò yẹ kí ìyá máa ka irú ẹ̀ lórí fóònù lálẹ́. Ẹ wo èyí:

"Ẹ káàsán o, Mọ́mì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì lánàá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí a ń ṣe ìṣirò, ọmọ yín dìde kúrò lórí àga lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí a tò láti jáde, ó ti ọmọ mìíràn, èjìká ọmọ náà sì gbá ilẹ̀kùn. A yẹ ọmọ náà wò, kò fara pa. Mo bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán bákan náà. Láti ọ̀la, yóò máa jókòó nítòsí mi lọ́sàn-án, òun ni yóò sì máa bá mi pín ìwé. Ǹjẹ́ ẹ ti ṣàkíyèsí ohunkóhun nílé tó lè ràn wá lọ́wọ́? Mo lè pè yín lọ́la láàárín aago mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin, tó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

Tí kò bá tọrọ àforíjì, ẹ yọ ọ́. Orí ètò tí ilé ìwé fi ń kọ̀wé sí òbí ni kẹ́ ẹ gbé e gbà, lẹ́yìn tí ọ̀gá bá ti kà á.

Bàbá Tíṣà (Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé níbí, a kì í kọ irú èyí rárá. A ó ránṣẹ́ pe ìyá, a ó fún un lálàga, a ó ní kó mumi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá sì máa kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ yin ọmọ náà. Ẹ̀yin ò yìn ín rárá.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ lójúkojú yẹn, òótọ́ ni. Àmọ́ tí a bá yin ọmọ tán ká tó sọ pé ó ti ẹnì kan, ìyá á mọ̀ pé a fi ń tan òun ni. Ọjọ́ mìíràn ni kí ìyìn lọ, lọ́tọ̀, ṣáájú kí wàhálà tó dé.

Bàbá Tíṣà: N ò gbà. Ìyá tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín á lè gbọ́ ìyókù.

Ọmọ Akẹ̀sán: Ọ̀kan kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà: "ẹ bá a wí nílé". Ẹ̀yin méjèèjì mọ ohun tí ìyá máa ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí tíṣà bá fẹjọ́ sùn. Ní Wélísì níbí, láti 2022 ni òfin ti ní a ò gbọdọ̀ na ọmọ rárá. Sikọ́tíláńdì ti ṣe tiwọn ní 2020. Òfin Íńgíláńdì ṣì gbà kí òbí na ọmọ díẹ̀ láti bá a wí. Àmọ́ tí ọmọ náà bá dé lọ́la pẹ̀lú àpá lára ńkọ́?

Àdùkẹ́ Olùkọ́: Háà. Kò wá sílé ìwé lónìí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má dúró de aago mẹ́ta mọ́. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó ń rí sí ààbò àwọn ọmọ nílé ìwé yín báyìí, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn hàn án bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́.

Ọmọ Tákíé: Ó lè jẹ́ òtútù ló mú un o. Èmi ni tíṣà ọmọ mi kọ̀wé sí níjọ́sí, pé ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ jù. Mo fèsì pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kí ló fẹ́ kó ṣe?

Ọmọ Akẹ̀sán: Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ọ̀yọ́ kì í fi fèsì lálẹ́. Ó máa ń sùn lé e. A jí ṣe bí Ọ̀yọ́ là á rí.

Ọmọ Tákíé: Ọ̀yọ́ tí ọ̀gá ilé ìwé tètè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lójú mọ́mọ́! Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété là ń bá sọ̀rọ̀ o.

Bàbá Tíṣà: Ẹ máa jà, èmi ń jẹ kajú lábẹ́ igi ní tèmi.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ má ṣe báyìí sí wa! Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ni n ò ti jẹ èso kajú tútù, hóró rẹ̀ nìkan la máa ń rí níbí, nínú ọ̀rá.

Àdùkẹ́ Olùkọ́: Mo ti sọ fún ẹni tó ń rí sí ààbò. Ó ní òun á pe ilé ọmọ náà. Ṣé kí n tún fi ìwé tuntun yẹn ránṣẹ́ lónìí, àbí kí n ní sùúrù?

Ọmọ Akẹ̀sán: Bàbá, ẹ bá wa dé Akẹ̀sán, ẹ bá wa wo èlùbọ́ gidi. Èyí tí mo rà níbí, bí mo ṣe rò ó tó, kò dúdú.

Ọmọ Tákíé: Èlùbọ́ Ọ̀yọ́ kẹ̀? Bàbá, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà, ẹ ra ti Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀.