Kéèsì stọ́dì mẹ́ta ni wọ́n ní kí n mú wá, iṣẹ́ mi sì jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí àṣírí

Ọmọ Dìsáìn: Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará. Dìsáìn áàpù ni mò ń ṣe, ibi tí mo ti ń wáṣẹ́ ní kí n mú pọtifólíò oní kéèsì stọ́dì mẹ́ta wá, ìyẹn àlàyé bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Méjì tí mo ní, ọ̀fẹ́ ni mo ṣe é fún ẹgbẹ́ kan, ẹ̀kẹta mo ti sáìn ẹn-dí-è lé e lórí, ìwé àdéhùn pé mi ò ní tú àṣírí wọn. Kí ni màá wá gbé síta báyìí?

Ìyá Ìbejì: Wọn ò sanwó fún ẹ kẹ̀? Wá lọ́yà kó kọ lẹ́tà sí wọn. Lẹ́tà kan péré ni wọ́n kọ fún àbúrò ọkọ mi tí wọ́n fi san tiẹ̀.

Ọmọ Dìsáìn: Rárá mà, èmi ni mo yọ̀ǹda ara mi. Ohun tí màá fi hàn ni mò ń wá.

Baba Kódù: Fi páásíwọ́ọ̀dù sí i jàre, ẹni tó bá fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ nìkan ni kó o fún. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Baba Kódù, ẹ rọra. Páásíwọ́ọ̀dù ò pa ẹn-dí-è rẹ́, ará ìta náà lẹni tó o fún. Ìgbà tó wúlò ni bí ilé iṣẹ́ bá gbà pé kó o lò ó àmọ́ tí wọn ò fẹ́ kó hàn fún gbogbo ayé. Àbúrò, tún ìwé ẹ kà ná. Àwọn kan, orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà àti ohun tí wọn ò tíì gbé jáde ni wọ́n ń pè ní àṣírí, àwọn míì ní o ò gbọdọ̀ sọ pé o bá wọn ṣiṣẹ́ rárá.

Èmi ṣe áàpù kan rí fún àwọn tó ń kó ẹrù ní wiahaosì. Wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́, bótìnì kéré, èyí tí wọn ò fẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ orúkọ ilé iṣẹ́ di bàìbàì lórí sikirinṣọ́ọ̀tì, ọ̀rẹ́ mi kan wò ó lẹ́ẹ̀kan ó dárúkọ wọn, àwọ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Ni mo bá tún gbogbo ẹ̀ yà látìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ eérú lásán, ọ̀rọ̀ tí mo dá kọ. Mo tún ní kí n sọ ọ́ di áàpù ilé ìkàwé, ló bá bàjẹ́ pátápátá, ta ló ń wọ ìbọ̀wọ́ yá ìwé? Ohun tó fà á tó o fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ìyẹn lo ò gbọdọ̀ yí. Mo dá a padà sí wiahaosì, mo yọ irú ẹrù tí wọ́n ń kó, mo kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé èmi ni mo tún àwòrán yà.

Mo wá fi í ránṣẹ́ sí máníjà mi àtijọ́, ojú ewé méjì. Má kàn béèrè pé ṣé mo lè lo iṣẹ́ yín, rárá ni wọ́n máa sọ, ohun tó o fẹ́ gbé síta gan-an ni kó o fi hàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo dúró, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n yọ. Kó o tó ránṣẹ́, yẹ orúkọ fáìlì wò o, orúkọ oníbàárà lè wà níbẹ̀! Tó bá sì jẹ́ PDF lo kun dúdú, ọ̀rọ̀ ṣì lè wà lábẹ́ ẹ̀, gbìyànjú láti kọpí ẹ̀.

Ọmọ Dìsáìn: Ẹ ṣé gan-an sà. Tọ̀fẹ́ yẹn ńkọ́? Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ni, ìbéèrè 14, mo sọ ọ́ di 6.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Kọ fọlọntíà síbẹ̀, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ta ló bá ẹ jiyàn?

Ọmọ Dìsáìn: Akápò. Ó fẹ́ kí àdírẹ́sì wà níbẹ̀, mo ní ká béèrè ẹ̀ tí wọ́n bá ti wọlé tán, a fà á fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Kéèsì stọ́dì ẹ nìyẹn! Kọ àríyànjiyàn yẹn. Ní kí akọ̀wé wọn ka iye íméèlì àwọn tí fọ́ọ̀mù rú lójú, ti oṣù kan ṣáájú àti oṣù kan lẹ́yìn. Tí ò bá sí, kọ ọ́ pé o ò wọ̀n ọ́n.

Ọmọ Dìsáìn: Ọ̀fẹ́ kejì ò tiẹ̀ jáde, wọ́n pa á tì.

Baba Kódù: Fi ìyẹn sílẹ̀. Mú áàpù ńlá kan tí gbogbo ayé mọ̀, tún un dìsáìn, bí mo ṣe rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Kò sí akápò tó máa sọ pé rárá fún ẹ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n pa tì dùn jù lọ́dọ̀ tèmi, tó o bá lè sọ ohun tó pa á.

Baba Kódù: Ẹni tó gbà mí ò bèèrè akápò kankan o.

Ọmọ Dìsáìn: Mo ti ṣí ẹn-dí-è yẹn báyìí. Nǹkan tí mo rí ni pé ilé iṣẹ́ mìíràn ti ra wọ́n, máníjà mi ti kúrò. Ta ni kí n kọ̀wé sí?

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹni tó rà wọ́n ló sábà máa ń jogún ìwé yẹn. Kọ sí àwọn lọ́yà wọn. Àwọn méjì tó kù ni kó o kọ́kọ́ parí.