Ọ̀gá mi ní iṣẹ́ mi "kù díẹ̀ káàtó", wọn ò sì sọ ibi tó kù sí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni mò ń tọ́jú sítọ́ọ̀ níbi kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń kọ ìròyìn ọjà fún ọ̀gá mi.

Níbẹ̀rẹ̀, iye àpò tó wọlé àti iye tó jáde nìkan ni wọ́n ní kí n kọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n bi mí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé orúkọ àwọn tó jẹ wá lówó dà? Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí! Mo fi kún un, ó di ojú ewé mẹ́ta. Wọ́n ní, "Kò burú, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó." Mo bèèrè ibi tó kù sí, wọ́n ní kí n lo ọpọlọ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ní báyìí, tí wọ́n bá ti rán mi níṣẹ́, mo máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù lọ́jọ́ náà: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ohun tó yé mi ni pé ẹ fẹ́ iye àpò àti orúkọ onígbèsè, ní ojú ewé kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ tí èrò wọn bá yí láàárín ọ̀sẹ̀, wọn kì í sọ.

Mo ń rò ó pé kí n máa gbé ìdajì ìròyìn náà lọ bá wọn lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kí wọ́n fa ìlà sí ohun tí wọn ò fẹ́. Ṣé wọn ò ní kà á sí àfojúdi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá irú ọ̀gá yìí ṣiṣẹ́, báwo lẹ ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún wọn?