Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yọ àmì yìí kí n tó gba àdéhùn náà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èdè Ṣáínà nìkan ni wọ́n fi kọ ètò ẹ̀rọ tí ń tẹ rìsíìtì tí a rà fún ṣọ́ọ̀bù wa. Mo ṣe àdàkọ àdéhùn rẹ̀ sínú ètò ìtúmọ̀, ó sì yé mi díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àpótí kéékèèké ìsàlẹ̀ kò ṣeé dà kọ, àfi ìgbà tí mo fi fóònù ya fọ́tò wọn. Àmì ti wà nínú méjèèjì: `我已阅读并同意` ń sọ pé mo ti kà á, mo sì gbà, `设为主页` fẹ́ yí ojú-ìwé àkọ́kọ́ bíráúsà mi padà. Kí ló kan rìsíìtì níbẹ̀? Bí mo bá yọ àmì kejì kí n tó tẹ `下一步` láti tẹ̀síwájú, ṣé ẹ̀rọ náà yóò ṣì máa ṣiṣẹ́?